Lílù Ọkàn Nínú Oyún: Bí Ẹ Ṣe Máa Kà Á Fúnra Yín, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Máa Rí Láti Oṣù Kìíní Dé Ìgbà Ìbí

"Ọkàn mi lù ní ìgbà 98 láàárọ̀ yìí, ṣé kò ti pọ̀ jù?" Lemọ́lemọ́ ni àwọn aboyún ń bi àwọn agbẹ̀bí ní ìbéèrè yìí, pàápàá látìgbà tí aago ọwọ́ tó ń ka lílù ọkàn ti wọ́pọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè dáhùn rẹ̀. Ẹnì kan lè ní 98 ní ọ̀sẹ̀ 34 kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ẹlòmíì á ní 98 kan náà ní ọ̀sẹ̀ 10, àìsàn ló sì fà á. Ohun mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lè dáhùn: iye tó máa ń jẹ́ lára tiyín, ọ̀sẹ̀ tí oyún wà, àti bí nọ́ńbà náà ṣe débẹ̀. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ló gòkè ni, àbí ó kàn fò sókè lójijì?

Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí ẹ ṣe máa ka tiyín, bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí aago inú fóònù
- Ìwé kékeré kan àti bírò
- Àga tó ní ẹ̀yìn tí ẹ lè fara tì
- Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé, ó dáa. Bí ẹ ò bá ní, ìka ọwọ́ yín ti tó.

## Bí ẹ ṣe máa kà á

1. Ẹ mú àsìkò kan tí kò ní máa yí padà. Àárọ̀ ló dáa jù, kẹ́ ẹ tó mu kọfí tàbí tíì. Bí ẹ bá ti mu ún, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tàbí gbé ẹrù, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
2. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sì tẹ fóònù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á jókòó, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà lójú ẹsẹ̀.
3. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ kan sókè. Ẹ gbé ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ kejì sórí ọrùn ọwọ́ náà, níbi tó wọnú díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ tó ń lù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, kò ní lù mọ́. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, torí pé òun náà ní iṣan tó ń lù, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ẹ ń kà.
4. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àwọn kan máa ń kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ bí wọ́n bá fo ẹyọ kan péré, mẹ́rin ni wọ́n ti ṣì kà yẹn.
5. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ kíyè sí bó ṣe ń lù. Ṣé ó ń lọ déédéé, àbí ó ń fo, tó sì ń lù rúdurùdu?
6. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún un kà. Bí àwọn méjèèjì bá fi ju márùn-ún lọ yàtọ̀ síra, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó bọ́ sáàárín.
7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ọ̀sẹ̀ oyún, àsìkò, iye tó jẹ́, àti ohunkóhun tó ń ṣe yín lọ́jọ́ náà, bí èébì, orí fífọ́ tàbí àìróorunsùn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ń kà á nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ á máa bẹ̀rù nọ́ńbà, ẹ̀rù náà á sì máa mú kí ọkàn rẹ̀ sáré sí i. Bí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lóyún, ìyẹn ló dáa jù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé oyún ti dúró, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe ìpìlẹ̀.

### Ibi tí nọ́ńbà ti máa ń tanni jẹ

Aago ọwọ́ ṣeé lò nígbà tí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, bí okùn rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara dáadáa. Tó bá dẹ̀, tàbí tí ọwọ́ ń mì, ó lè gbé nọ́ńbà tí kò sí níbì kankan jáde. Bí aago bá sọ pé 140, tí kò sì sí ohun tó ń ṣe yín, ẹ fi ìka kà á kẹ́ ẹ tó dààmú. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka kì í kà á dáadáa bí ìka bá tutù tàbí tí ọ̀dà wà lára èékánná.

Ìkìlọ̀ kan tún wà nípa ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà fún gbígbọ́ ọkàn ọmọ nílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkàn ọmọ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ara ìyá bá gbóná tí ọkàn tirẹ̀ sì ń lù ní ìgbà 120, ẹ̀rọ náà lè máa gbọ́ ti ìyá, kí ìyá máa rò pé ti ọmọ ni. Nítorí náà, bí ọmọ ò bá yí bó ṣe máa ń yí mọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn tu ara yín nínú. Ẹ lọ sílé ìwòsàn.

## Kí ló ń mú kó yára?

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí oyún bá dúró tí àwọn họ́mọ̀nù oyún ti máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọkàn á sì ní láti tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde kó lè kárí ara ìyá, ilé ọmọ àti ibi ọmọ. Tó bá máa fi di ìparí oyún, ẹ̀jẹ̀ inú ara á ti fi nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì péré ni ọkàn lè gbà ṣe iṣẹ́ yìí: kó tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, tàbí kó lù lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún, ọ̀nà kìíní ló gbára lé jù, ìyẹn ni nọ́ńbà yín ò fi ní tètè ga. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, àmọ́ bó ṣe ń yára lù ń lọ sókè títí wọ inú oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó rò pé ara òun ti mọ́ oyún lára ní oṣù karùn-ún ṣì máa rí i tí nọ́ńbà ń gòkè ní oṣù keje.

## Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ (títí dé òpin ọ̀sẹ̀ 13)

Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹni tó ń ní 70 tẹ́lẹ̀ lè máa rí 74 tàbí 78. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aboyún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2020, 82 ni nọ́ńbà tó bọ́ sáàárín ní ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀pọ̀ jù lọ sì wà láàárín 63 sí 105. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó. Ìdí rèé tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ fi tiyín wé tiyín.

Èébì ló máa ń da nọ́ńbà rú jù lásìkò yìí. Bí ẹ bá ń bì tí omi ò dúró nínú, omi ara á gbẹ, ọkàn á sì máa sáré kó lè fi ẹ̀jẹ̀ tó kù ṣiṣẹ́. Ẹ lè dán an wò báyìí, àmọ́ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín:

1. Ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ ka ọkàn.
2. Ẹ rọra dìde dúró. Ẹ di nǹkan mú.
3. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kà. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó kíákíá, ẹ má kà á mọ́.

Bó bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè, tàbí tí ẹ ò lè dúró nítorí òòyì, ó ṣeé ṣe kí omi ara ti gbẹ débi tí omi mímu nìkan ò ní tó. Ìtọ̀ tó dúdú bíi tíì, tàbí kẹ́ ẹ má tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, náà ń sọ ohun kan náà. Ilé ìwòsàn lẹ máa gbà lọ, kí wọ́n fi omi sí yín lára.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró ka ọkàn sí rárá: bí inú bá ń ro yín gan-an nísàlẹ̀ ikùn, pàápàá lápá kan, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí èjìká ń dùn yín láìsí ìdí. Ó lè jẹ́ pé ìta ilé ọmọ ni oyún dúró sí, tó sì ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde lójú ara rárá, inú ikùn ló ń dà sí. Ara ọ̀dọ́ obìnrin sì lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀ tí ìfúnpá ò fi ní lọ sílẹ̀ títí tó fi máa pẹ́ jù. Kẹ́ ẹ máa lọ ni.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, họ́mọ̀nù oyún máa ń ti ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn láti ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá lára ẹni tí èébì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kejì. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí ẹ ń rù, tí ọkàn sì ń sáré bí ẹ tilẹ̀ jókòó, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un.

## Oṣù mẹ́ta kejì (ọ̀sẹ̀ 14 sí 27)

Ẹ retí kó fi nǹkan bíi mẹ́wàá ju ti ìgbà tí ẹ ò tíì lóyún lọ, ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé. Àsìkò yìí ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ jù, nítorí náà òòyì lè kọ́ yín bí ẹ bá fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ẹ má fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja láti ka ọkàn. Ilé ọmọ ti wúwo, ó sì lè tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé á dín kù, ìfúnpá á já, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, òógùn á bò yín, á sì dà bíi pé ẹ máa dákú. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yẹ kó rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe sùn ló fà á.

Àsìkò yìí náà ni àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń yọjú. Omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè pọ̀ ju àwọn hóró pupa tó ń gbé ọ́síjìn lọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní wá ki bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀nba ìyẹn wà fún gbogbo aboyún. Àmọ́ bí áyọ́ọ̀nù inú ara ò bá tó, hóró pupa náà ò ní tó, ọkàn á sì máa fi ìsáré dí ohun tí kò sí.

## Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn (ọ̀sẹ̀ 28 títí dé ìgbà ìbí)

Ibí ni nọ́ńbà ti ń ga jù. Nínú ìwádìí tí a mẹ́nu bà yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 ló dé òkè pátápátá: 91 ló bọ́ sáàárín, ọ̀pọ̀ jù lọ sì wà láàárín 68 sí 115. Lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń fi 10 sí 20 ju ti ìgbà tí kò sí oyún lọ. Bí ìbejì bá wà nínú, ó lè ga jù bẹ́ẹ̀.

Èémí lè máa ká yín lẹ́nu bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ọkàn lè fo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ méjèèjì sì lè wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn yìí wọ́pọ̀. Èyí tí kò wọ́pọ̀ ni kí èémí ká yín lẹ́nu níbi tí ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ nílò ìrọ̀rí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lè sùn, tàbí kí ikọ́ máa jí yín lóru.

## Àpẹẹrẹ kan: bí a ṣe ń ka ìwé náà

Ká sọ pé aboyún kan ní 72 kó tó lóyún. Ohun tó kọ sílẹ̀ nìyí:

- Ọ̀sẹ̀ 10: 78
- Ọ̀sẹ̀ 16: 82
- Ọ̀sẹ̀ 20: 84
- Ọ̀sẹ̀ 24: 90
- Ọ̀sẹ̀ 26: 97
- Ọ̀sẹ̀ 28: 104

Bí wọ́n bá fi 104 nìkan han nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ó lè sọ pé kò burú fún ẹni tó ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Àmọ́ ìwé yìí ń sọ ohun míì. Láti ọ̀sẹ̀ 10 sí 20, mẹ́fà péré ló fi gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Láti ọ̀sẹ̀ 20 sí 28, ogún ló fi gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò fò sókè lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò gòkè bó ṣe ń gòkè tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì ti fi 32 ju ti ìpìlẹ̀ lọ.

Ó wọn ìgbóná ara: 36.8. Kò rí ẹ̀jẹ̀, ibì kankan ò sì dùn ún. Ṣùgbọ́n kò lè gun àtẹ̀gùn dé òkè mọ́ láìdúró, abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, yìnyín ló sì ń wù ú jẹ ṣáá. Nǹkan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ báyìí, láìsí ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: hẹmoglóbìn rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 8.4 g/dL. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, kò yẹ kó dín ní 11. Ní oṣù mẹ́ta kejì, kò yẹ kó dín ní 10.5.

Wọ́n fún un ní oògùn áyọ́ọ̀nù. Inú òfo ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, kò sì yẹ kéèyàn fi tíì, kọfí tàbí wàrà gbé e mì, torí wọn kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí 8.4 yẹn ti fi nǹkan bí 1 gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí lílù ọkàn náà má sì gòkè mọ́. Bó bá kọ 96 sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 32, a mọ̀ pé oògùn ti ń jẹ́. Bó bá ṣì ń kọ 106, ó yẹ kí dókítà wá ìdí míì, tàbí kó yí bí wọ́n ṣe ń fún un ní áyọ́ọ̀nù padà.

Ẹ wá jẹ́ ká yí àpẹẹrẹ náà padà. Obìnrin kan náà, ọ̀sẹ̀ 28, ó ní 88 lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ní 114 lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyẹn kì í ṣe àìtó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wọn ìgbóná ara, ó jẹ́ 38.4, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń dùn ún, ìtọ̀ sì ń ta á. Àkóràn ti lè dé inú kíndìnrín. Bí ìgbóná ara bá fi ìwọ̀n kan gòkè, lílù ọkàn sábà máa ń fi nǹkan bíi mẹ́wàá gòkè, nítorí náà ibà nìkan ò lè ṣàlàyé gbogbo 26 tó fi lé. Omi ara ti lè máa gbẹ pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló máa lọ sílé ìwòsàn, kì í ṣe ọjọ́ kíléníkì tó ń bọ̀.

## Bó bá ju 100 lọ, ẹ ṣe báyìí

1. Ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ẹ mu ife omi méjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un kà.
2. Ẹ wọn ìgbóná ara. Bó bá jẹ́ 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.
3. Ẹ rántí ohun tí ẹ mu tàbí lò: kọfí, oògùn òtútù tó ń ṣí imú, oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Gbogbo wọn ló lè mú ọkàn yára. Ẹ má fúnra yín dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró o. Ikọ́ fée tí wọn ò tọ́jú léwu fún oyún ju ọkàn tó sáré díẹ̀ lọ.
4. Bó bá padà sí ibi tó máa ń wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ní kíléníkì.
5. Bó bá ṣì ju 100 lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ara yín tilẹ̀ le, ẹ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.
6. Bó bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ìsinmi ò sì mú un wálẹ̀, ẹ pe agbẹ̀bí tàbí dókítà lọ́jọ́ náà.
7. Bó bá ju 120 lọ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fúnra yín wakọ̀. Bákan náà ni bó bá lọ sísàlẹ̀ 50 tí òòyì sì ń kọ́ yín.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìfúnpá, kó wo nọ́ńbà òkè. Ó yẹ kó ga ju lílù ọkàn lọ. Bí lílù ọkàn bá ti bá a dọ́gba tàbí tó jù ú, bíi kí ọkàn jẹ́ 115 kí nọ́ńbà òkè jẹ́ 105, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà níbì kan tàbí kí àkóràn ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dúró.

### Ẹ má ka nọ́ńbà rárá, ẹ máa lọ, bí ẹ bá rí:

- Àyà dídùn tàbí èémí tó kúrú lójijì
- Dídákú
- Ẹ̀jẹ̀ lójú ara tàbí nínú ikọ́
- Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó ń dùn, tó sì gbóná. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ó sì lè gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró
- Àìlè fi ara lélẹ̀ sùn nítorí èémí

Irú ọkàn sísáré kan tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ tó sì máa ń dáwọ́ dúró bí ìgbà tí wọ́n bá tan iná tí wọ́n sì pa á: 90, lẹ́ẹ̀kan náà 180, lẹ́ẹ̀kan náà 90. Ẹ̀rù tàbí iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn ń lọ sókè. Bó bá mú yín, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí sílẹ̀. Bó bá ń bá a lọ, ẹ lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn ṣe ń lù nígbà tó ṣì ń sáré. Ìtọ́jú tí kò ní pa ọmọ lára wà fún un.

## Bí ẹ bá ń ṣe eré ìdárayá

Àwọn kan ṣì ń sọ fún aboyún pé ọkàn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá 140. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà ló gbé òfin yẹn jáde lọ́dún 1985, àwọn náà ló sì yọ ọ́ kúrò lọ́dún 1994. Ìṣirò inú aago ọwọ́ náà, tó máa ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220, ò bá aboyún mu, torí pé ọkàn rẹ̀ ti ń lù kíákíá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹnu dípò rẹ̀. Bí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ẹ wà níbi tó yẹ. Bí ẹ ò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ẹ dín in kù. Lẹ́yìn tí ẹ bá dáwọ́ dúró, ó yẹ kí nọ́ńbà máa wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ti dókítà ni kó tẹ̀ lé.

## Lẹ́yìn ìbí

Bí ilé ọmọ bá ń sún kì, ọkàn á máa sáré, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó máa kà á nígbà náà bí kò ṣe àwọn tó ń gbẹ̀bí. Lẹ́yìn ìbí, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti ń padà sí nọ́ńbà àtijọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà.

Ẹ má ju ìwé náà nù. Bí nọ́ńbà bá ju 110 lọ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ sì ti sinmi, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà jù tàbí àkóràn inú ilé ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Àìsàn kan sì wà tó máa ń sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára, tó lè yọjú láti oṣù tó kẹ́yìn nínú oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbí. Wọ́n sábà máa ń ṣì í mú fún àárẹ̀ ìyá ọmọ tuntun: ọkàn ò wálẹ̀, ẹsẹ̀ ń wú sí i dípò kó fà, èémí ń ká a lẹ́nu bó bá ti dùbúlẹ̀, ikọ́ ń jí i lóru. Bí méjì nínú àwọn wọ̀nyí bá pàdé lára yín, ẹ lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìwé yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi síkáànì wo ọkàn.